Ìwádìí Lórí Àwòrán JPEG Tí A Sọ Di PNG: Ohun Tó Ń Mú Fáìlì Wú, Àti Ìdí Tí Ohun Tó Sọnù Kì í Fi Í Padà

Ní Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí ilé ìtẹ̀wé ti pọ̀ lọ jàra, ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú sábà máa ń gba fọ́tò olóògbé láti orí Wásáàpù. Bí fọ́tò náà bá rí bàìbàì, ìmọ̀ràn kan wà tí wọ́n máa ń gba ara wọn, pé kí wọ́n sọ ọ́ di PNG kí ó lè mọ́. Wọ́n á ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á tún un tọ́jú ní PNG. Fáìlì tó jẹ́ kílóbáìtì díẹ̀ á di mẹ́gábáìtì, ẹbí olóògbé á sì gbà pé ohun tó wúwo tó báyìí gbọ́dọ̀ ní nǹkan nínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àbá méjì ni ìwádìí yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èkíní ni pé bí àwòrán náà bá jẹ́ fọ́tò, kò sí bí PNG náà kò ṣe ní tóbi ju JPEG tó ti wá lọ. Èkejì ni pé kò sí písẹ̀lì kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó sàn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àbá méjèèjì ta ko ara wọn, nítorí wọ́n ka títóbi fáìlì sí iye ohun tó wà nínú àwòrán. Orísun kan náà ni àbá méjèèjì ti wá, orísun náà kò sì ju àpótí kékeré kan lọ. Inú àpótí yẹn la ń lọ.

Ohun tí JPEG ń tọ́jú

Ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Joint Photographic Experts Group bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1986, wọ́n sì fọwọ́ sí ìlànà wọn ní 1992. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé e lé ni ìṣirò kan tí Nasir Ahmed, T. Natarajan àti K. R. Rao gbé jáde ní 1974. Ohun tí ìṣirò náà ń sọ ni pé a lè kọ́ àpótí písẹ̀lì èyíkéyìí láti inú àwọn ìgbì tí a tò léra wọn lórí, bí a bá ṣáà ti mọ bí ìgbì kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó.

Nítorí náà, JPEG á gé àwòrán sí àpótí kéékèèké, písẹ̀lì 8 ní ìbú, 8 ní òró, ìyẹn písẹ̀lì 64 nínú àpótí kan. Á wá sọ písẹ̀lì 64 náà di agbára ìgbì 64. Nọ́ḿbà àkọ́kọ́ dúró fún ìmọ́lẹ̀ gbogbo àpótí náà lápapọ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e dúró fún ìyípadà tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí òjìji ń gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá. Àwọn tó gbẹ̀yìn dúró fún ohun wẹ́wẹ́ tó ń yí padà lójijì: irun, òwú inú aṣọ òfì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ìpéǹpéjú. Títí dé ibí yìí, ohunkóhun kò tíì sọnù. Bí a bá dá ìṣirò náà padà sẹ́yìn, písẹ̀lì 64 wa á padà bí wọ́n ṣe wà.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ibi tí àdánù ti ń ṣẹlẹ̀. JPEG ní tábìlì kan tó ní nọ́ḿbà 64, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìgbì kọ̀ọ̀kan. Á fi nọ́ḿbà inú tábìlì pín agbára ìgbì, á mú odidi nọ́ḿbà tó sún mọ́ èsì náà jù, á sì ju ìyókù nù. Ìgbìmọ̀ náà tẹ tábìlì kan sínú ìwé ìlànà wọn bí àpẹẹrẹ. Òun ni ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó gbajúmọ̀ jù fún JPEG ń lò gan-an bí a bá ní kí ó tọ́jú àwòrán ní ìwọ̀n 50 nínú 100. Bí a bá gbé ìwọ̀n náà sókè, àwọn nọ́ḿbà tábìlì á kéré sí i; bí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á tóbi.

Mo fẹ́ kí a ṣe àpótí kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, kí ó jẹ́ láti inú fọ́tò aláìláwọ̀, èyí tí písẹ̀lì kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ nọ́ḿbà kan ṣoṣo, láti 0 tó dúdú kirikiri dé 255 tó funfun báláú.

Ká ní lẹ́yìn ìṣirò, agbára ìgbì àkọ́kọ́ nínú àpótí wa jẹ́ 83. Nọ́ḿbà tirẹ̀ nínú tábìlì ni 16. Bí a bá fi 16 pín 83, ó jẹ́ 5 àti díẹ̀. JPEG á kọ 5. Ìgbì tó tẹ̀lé e, tó ń yí láti òsì sí ọ̀tún, jẹ́ 47. Nọ́ḿbà tirẹ̀ ni 11, èsì rẹ̀ jẹ́ 4 àti díẹ̀. JPEG á kọ 4. Ìgbì kan tún wà tó ń yí láti òsì sí ọ̀tún àti láti òkè sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, agbára rẹ̀ jẹ́ 21, nọ́ḿbà tirẹ̀ jẹ́ 12, èsì náà jẹ́ 1.75, JPEG á kọ 2. Àwọn 61 tó kù kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ḿbà tiwọn nínú tábìlì débi pé gbogbo wọn di òdo. Èyí tó wà ní igun ìsàlẹ̀ pátápátá, tó ń gbé ohun tó wẹ́ jù lọ, ní 99 nínú tábìlì: ohunkóhun láti -49 dé 49 níbẹ̀ á di òdo.

Ohun tó ṣẹ́ kù nínú àpótí wa ni 5, 4 àti 2.

Ìgbà tí a bá ṣí fọ́tò náà, kọ̀ǹpútà á sọ 5 di 80, nítorí 5 lọ́nà 16 ni 80. Á sọ 4 di 44, á sọ 2 di 24. Kò sí 83, 47 àti 21 mọ́. Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí 4 yẹn díẹ̀, nítorí òun ló gbé àbá kejì wa ró. Ìgbì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 39 á di 4. Èyí tó jẹ́ 45 á di 4. Èyí tó jẹ́ 49 á di 4. Nọ́ḿbà mọ́kànlá ni, láti 39 dé 49, gbogbo wọn ló ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà kan náà, kò sì sí àmì kankan nínú fáìlì tó ń sọ èwo ló wọlé. Ìyá olókòwò tó ń kọ owó ọjà sílẹ̀ ní ìwọ̀n àádọ́ta náírà tó sún mọ́ ọn jù lè da ìwé kékeré rẹ̀ kọ sínú ìwé ńlá tó nípọn, tó sì ní ìlà fún kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ náà kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ hàn.

Bí JPEG ṣe ń rọ àpótí sínú báìtì mẹ́ta

JPEG kò kọ àwọn òdo 61 náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń rin àpótí náà ní ọ̀nà wọ́gọwọ̀gọ láti igun òkè sí igun ìsàlẹ̀, kí òdo lè tò tẹ̀ léra wọn. Lẹ́yìn náà á lo ọgbọ́n tí David Huffman gbé jáde ní 1952: ohun tó ń wáyé lemọ́lemọ́ á gba kóòdù kúkúrú, ohun tó ṣọ̀wọ́n á gba èyí tó gùn.

Mo ka àpótí wa pẹ̀lú tábìlì kóòdù inú ìwé ìlànà náà. Nọ́ḿbà àkọ́kọ́ kì í wọlé fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti àpótí tó ṣáájú ni wọ́n ń kọ. Bí ti àpótí tó ṣáájú bá jẹ́ 4, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 1, ó gba bíìtì 4. Nọ́ḿbà 4 wa gba bíìtì 6. Òdo méjì ló wà láàrin rẹ̀ àti 2. Òdo méjèèjì àti 2 náà lápapọ̀ gba bíìtì 10. Lẹ́yìn ìyẹn, kóòdù kan ṣoṣo tí ó jẹ́ bíìtì 4 ń sọ pé kò sí nǹkan mọ́ nínú àpótí yìí, gbogbo ìyókù jẹ́ òdo. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíìtì 24, ìyẹn báìtì 3. Písẹ̀lì 64 wà nínú báìtì 3.

Ohun tí PNG rí

PNG ní ìtàn tirẹ̀. Ní òpin 1994, ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí GIF ń lò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kìíní 1995, Thomas Boutell àti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú fáìlì tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsan owó, ìlànà rẹ̀ sì jáde ní 1996. Àdéhùn kan ni PNG bá ẹni tó ń lò ó ṣe, kì í sì í yẹ̀ ẹ́: písẹ̀lì tí o bá fún un, òun gan-an ni yóò dá padà fún ọ, láì dín, láì lé.

Àdéhùn yìí dára púpọ̀, òun náà ló sì ń fa wíwú fáìlì wa. Nígbà tí a bá ní kí ètò kan sọ JPEG di PNG, kò gbé 5, 4 àti 2 fún PNG. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú àpótí náà sílẹ̀, kí ó kọ́ ìgbì náà, kí ó sì sọ ọ́ di písẹ̀lì. Mo ṣe ìṣirò náà fún àpótí wa. Ìlà tó wà lókè jáde báyìí:

```
151 149 146 141 135 130 127 125
```

Ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jáde báyìí:

```
140 140 139 138 138 137 136 136
```

Ìlà mẹ́fà mìíràn wà láàrin wọn, kò sì sí èyí tó bá èkejì dọ́gba. Ohun tí PNG gbà nìyí: nọ́ḿbà 64. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé inú nọ́ḿbà mẹ́ta ni gbogbo wọn ti jáde, kò sì ní ohun tí yóò fi mọ̀ ọ́n. PNG kò mọ ìgbì. Ohun tó mọ̀ ni kí ó wo písẹ̀lì òsì, ti òkè, tàbí méjèèjì, kí ó fi wọ́n sọ àsọtẹ́lẹ̀ písẹ̀lì tó kàn, kí ó sì kọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin àsọtẹ́lẹ̀ àti òtítọ́. Bí ó bá wo òsì ní ìlà òkè wa, ìyàtọ̀ tó máa kọ ni -2, -3, -5, -6, -5, -3, -2. Ní ìlà ìsàlẹ̀, ó jẹ́ 0, -1, -1, 0, -1, -1, 0. Àwọn nọ́ḿbà wọ̀nyí kéré, ìyẹn sì ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á wá ọ̀wọ́ báìtì tó bá ti wáyé rí kí ó lè tọ́ka sí i dípò kí ó tún un kọ. Nínú fọ́tò, ṣàṣà ni ọ̀wọ́ gígùn tó ń padà wá lọ́nà kan náà.

Ká wá gbé e sórí odidi fọ́tò. Fọ́tò aláìláwọ̀ tó jẹ́ 1600 ní ìbú, 1200 ní òró, ní àpótí 30,000 àti písẹ̀lì 1,920,000. Kì í ṣe gbogbo àpótí ló rọrùn bíi tiwa. Ká ní báìtì 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà ní ìpíndọ́gba. JPEG náà jẹ́ nǹkan bíi 300,000 báìtì. PNG bẹ̀rẹ̀ láti 1,920,000. Bí ó bá tilẹ̀ rí ọgbọ́n dá tó fi gé e sí méjì, 960,000 ló ṣì jẹ́, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta àti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí fọ́tò náà bá ní àwọ̀, àlàfo náà á tún fẹ̀ sí i. JPEG sábà máa ń tọ́jú àwọ̀ ní ìdajì ìbú àti ìdajì òró, nítorí ojú ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ohun wẹ́wẹ́ nínú àwọ̀. Nígbà tí a bá tú u sílẹ̀, àwọ̀ tí kò tó nǹkan yẹn á tàn bo gbogbo písẹ̀lì, PNG á sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ bí ẹni pé kámẹ́rà ló yà á bẹ́ẹ̀.

Àbá kìíní ti dúró. Iye tó lé lórí fáìlì náà jẹ́ owó tí PNG san láti tọ́jú àbájáde ìṣirò, písẹ̀lì kan lẹ́yìn èkejì, nígbà tí JPEG ń tọ́jú nọ́ḿbà díẹ̀ tí ìṣirò náà ti wá.

Ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fúnra rẹ̀

Ẹni tí kò bá gba àbá kejì lè lo ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ ImageMagick. Àṣẹ àkọ́kọ́ á sọ fọ́tò di PNG. Èkejì á ka iye písẹ̀lì tó yàtọ̀ láàrin méjèèjì.

```
magick foto.jpg foto.png
magick compare -metric AE foto.jpg foto.png null:
```

Ìdáhùn rẹ̀ ni 0. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé òun rí i pé PNG mọ́ ju JPEG lọ, ó yẹ kí a fi sùúrù wádìí, nítorí ojú kì í sábà purọ́ láìnídìí. Ó lè jẹ́ pé ètò tí wọ́n lò pọ́n etí àwòrán tàbí pé ó tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe kí ó tó tọ́jú rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé fọ́tò tí wọ́n fi wé e jẹ́ ẹ̀dà kékeré tí fóònù ń fi hàn kí a tó ṣí i. Nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ìyípadà tí wọ́n rí jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n PNG kọ́ ló ṣe é.

Àwọn kan kì í tilẹ̀ ṣí fáìlì náà rárá. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń yí padà láti `.jpg` sí `.png`. Ìyẹn kò kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Fáìlì JPEG ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú báìtì `FF D8`, ti PNG sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `89 50 4E 47`, ohun yẹn sì ni ètò tó bá mọṣẹ́ rẹ̀ ń wò.

Ọ̀ràn rísíìtì

Ẹnìkan lè ta ko àbá kìíní pé òun ti rí PNG tó kéré ju JPEG lọ. Òótọ́ ló rí, ọ̀ràn náà sì kọ́ni ju ti fọ́tò lọ. Ẹ wo àwòrán ojú fóònù tó ń fi rísíìtì owó tí a fi ránṣẹ́ hàn: ilẹ̀ funfun, lẹ́tà dúdú, bóyá àmì báńkì kan lókè. Nínú ilẹ̀ funfun yẹn, gbogbo písẹ̀lì jẹ́ 255. Àsọtẹ́lẹ̀ PNG kò tàsé rárá níbẹ̀, ìyàtọ̀ tó ń kọ jẹ́ òdo lórí òdo, ọ̀wọ́ òdo gígùn sì rọrùn láti fún pọ̀. Lẹ́tà kan náà ń padà wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òun náà á di títọ́ka sí. PNG irú àwòrán yìí sábà máa ń kéré ju JPEG rẹ̀ lọ. JPEG ló ń jìyà níbẹ̀, nítorí etí lẹ́tà tó já láti dúdú sí funfun lójijì ń béèrè ọ̀pọ̀ ìgbì líle, àwọn ìgbì tí tábìlì rẹ̀ ń pa rẹ́ jù lọ.

Wàyí o, ká fi rísíìtì yẹn ránṣẹ́ bíi fọ́tò, kí ó di JPEG, kí ẹni tó gbà á sì tún un sọ di PNG. Àpótí tó funfun látòkè délẹ̀ ṣì funfun. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àpótí tí lẹ́tà kan fọwọ́ kàn, ìgbì tí a pa rẹ́ ti fi àbàwọ́n sílẹ̀: písẹ̀lì tó jẹ́ 255 ti di 251, 254, 246, láìsí ìdí kan tí ẹnikẹ́ni lè kà. PNG kò mọ̀ pé ìdọ̀tí ni. Nínú òye tirẹ̀, 246 jẹ́ písẹ̀lì ọlọ́lá bíi ti gbogbo yòókù, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú òtítọ́ kan náà. Àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ á máa tàsé, lẹ́tà tó bá ara wọn mu tẹ́lẹ̀ á ti yàtọ̀ síra nítorí pé ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí nínú àpótí yàtọ̀. PNG kejì yìí á tóbi ju PNG àkọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rísíìtì kan náà ni, tí ìbú àti òró wọn sì dọ́gba. Níbí ni mo ti rí i kedere jù pé títóbi fáìlì lè jẹ́ ìwọ̀n ìdọ̀tí.

Ohun tí a rí nínú rísíìtì tún fún wa ní ọ̀nà láti dá PNG tó ti jẹ́ JPEG rí mọ̀. Ẹ sún un mọ́ra títí písẹ̀lì á fi hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí èérí eérú bá yí lẹ́tà ká, tó sì dúró lójijì ní ìlà tó tọ́, tí ìlà náà sì ń wáyé lẹ́yìn písẹ̀lì 8 tàbí 16, JPEG ti kọjá níbẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ń wá láti inú àwọ̀ tí wọ́n tọ́jú ní ìdajì. Iye àwọ̀ náà tún ń jẹ́rìí: rísíìtì tí wọ́n ya lójú fóònù gan-an kì í ní àwọ̀ púpọ̀, àmọ́ èyí tó ti gba JPEG kọjá ń ní ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àṣẹ yìí ń kà wọ́n:

```
magick identify -format "%k\n" risiti.png
```

Àwọn ètò kan wà tó ń gbìyànjú láti nu ojú àpótí wọ̀nyí, tí wọ́n ń pa ìlà tó wà láàrin àpótí méjì rẹ́. Wọ́n wúlò fún ojú. Àmọ́ àbá ni wọ́n ń dá. Láàrin 39 àti 49, wọ́n ń yan ọ̀kan tó jọ pé ó bá àyíká mu.

Ibi tí PNG ti ní iṣẹ́ gidi láti ṣe

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ní kí a má sọ JPEG di PNG láéláé. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò olóògbé náà, tó máa tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe lónìí, tó máa gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lọ́la, tó máa kọ orúkọ sí i lọ́tùnla, ní ìdí pàtàkì láti tọ́jú rẹ̀ ní PNG láàrin ìgbésẹ̀ wọ̀nyí. Bí ó bá ń tún un tọ́jú ní JPEG lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, písẹ̀lì tuntun á tún lọ sábẹ́ tábìlì, wọ́n á tún pín in, wọ́n á tún ju ìyókù nù. Bí ó bá gé ìlà díẹ̀ kúrò lápá òsì, ìlà tí kì í ṣe ìlọ́po 8, àwọn àpótí tuntun á bọ́ sí àárín àwọn ti tẹ́lẹ̀, èérí ti àkọ́kọ́ á sì di ohun tí ti èkejì ń gbìyànjú láti tọ́jú. PNG ń dá ìyẹn dúró. Ohun tó bá bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ bàìbàì á wà bàìbàì, kò sì ní burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún ẹni tó kàn fẹ́ yí fọ́tò tó dùbúlẹ̀ kí ó dúró, kò nílò PNG rárá. Ètò kékeré kan tó ń jẹ́ `jpegtran` ń yí nọ́ḿbà inú àpótí fúnra wọn, láìtú wọn sí písẹ̀lì, níwọ̀n ìgbà tí ìbú àti òró fọ́tò bá pín déédéé sí àpótí.

Ní ti olóògbé Ṣómólú wa, ohun tí atẹ̀wé yẹ kó béèrè lọ́wọ́ ẹbí ni fáìlì tí kámẹ́rà tàbí fóònù kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù gẹ́gẹ́ bí dókúmẹ́ǹtì dípò fọ́tò, nítorí ọ̀nà dókúmẹ́ǹtì ń gbé báìtì lọ bí wọ́n ṣe wà. Bí ó bá jẹ́ pé orí bébà ni fọ́tò náà wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tún un yà sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìyàwòrán ìwé, kí wọ́n sì tọ́jú ti ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ní PNG, kó tó di pé JPEG kankan fọwọ́ kàn án.